Lẹ́tà Ìjẹ́rìí fún Akẹ́kọ̀ọ́: Bí Tíṣà Ṣe Lè Kọ ọ́ láti Inú Àkójọ Iṣẹ́ tí Ọmọ Fi Ránṣẹ́

"Lọ kọ ọ́ wá, kí n fọwọ́ sí i." Bí ọ̀pọ̀ nínú àwa tíṣà ṣe ń dá ọmọ lóhùn nìyẹn nígbà tó bá wá bẹ̀ wá pé ká bá òun kọ lẹ́tà tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ń béèrè, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí rẹkọmẹndéṣọ̀n. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi nígbà náà, mo sì rò pé ọmọ náà mọ ara rẹ̀ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìwé ọmọ yìí lókè òkun ti ka àròkọ tí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Nígbà tó bá tún bá ọwọ́ kan náà pàdé nínú lẹ́tà tíṣà, ó máa ń mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà ló sì máa jìyà rẹ̀, tíṣà kò ní jẹ níbẹ̀.

Ohun tó yẹ ká gbà lọ́wọ́ ọmọ ni àkójọ àwọn nǹkan tó ti ṣe àti àwọn ẹ̀bùn tó ti gbà. Àwa la ó wá fi ọwọ́ ara wa kọ lẹ́tà láti inú rẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é, láti ọjọ́ tí àkójọ náà bá ti wọlé títí di ọjọ́ tí lẹ́tà bá lọ. Ti Common App, ìkànnì tí ọmọ ti lè fi ìwé ìwọlé kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ yunifásítì, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń wá àyè lọ sí Amẹ́ríkà ti ń forúkọ sílẹ̀. Ọmọ kan tí mo kọ́ ní Físíìsì ni a ó jọ tẹ̀lé. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Àdùkẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Kí ẹ tó gbà láti kọ ọ́

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ọjọ́ wo gan-an ni mo rántí ọmọ yìí ní kíláàsì? Bí kò bá sí ọjọ́ kankan tó wá sí yín lọ́kàn, tó jẹ́ pé máàkì rẹ̀ nìkan lẹ mọ̀, ẹ sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kó lọ bá tíṣà mìíràn. Àánú lẹ ṣe é yẹn. Lẹ́tà tó ṣófo máa ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé tíṣà tó kọ́ ọmọ yìí fún odindi ọdún kò rí nǹkan kan sọ nípa rẹ̀.

Ẹ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọ náà, ó kéré tán. Fún àwọn tó fẹ́ tètè fi ìwé wọn sílẹ̀, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ni ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń fi gbèdéke sí. Fún àwọn tó kù, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ wò ó bí ìyẹn ṣe bá kàlẹ́ńdà tiwa mu: ti oṣù Kọkànlá bọ́ sí àkókò ìdánwò àárín sáà kìíní, ti oṣù Kìíní sì bọ́ sínú ìsinmi Kérésìmesì, nígbà tí ìwé tó ní orúkọ ilé ìwé lórí àti òǹtẹ̀ wà nínú ọ́fíìsì ọ̀gá tí wọ́n ti tì pa. Kí ilé ìwé tó tì ni kí ẹ ti gba ìwé náà sọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ bi ọmọ náà. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1974, FERPA lorúkọ rẹ̀, tó fún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti ka ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Kí Common App tó jẹ́ kí ọmọ pe tíṣà kankan, ó máa bi í bóyá ó yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yẹn. Ó dára kó yọ̀ǹda rẹ̀, torí lẹ́tà tí ọmọ kò ní rí ni àwọn tó ń kà á máa ń gbà gbọ́ jù. Ẹ ṣàlàyé èyí fún òun àti òbí rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà máa bi yín lẹ́yìn náà pé kí lẹ kọ.

Àkójọ náà, àti ohun tí kò lè sọ

Common App fún ọmọ ní àyè iṣẹ́ 10. Àpèjúwe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju àmì ìkọ̀wé 150 lọ, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Ó tún fún un ní àyè 5 fún ẹ̀bùn àti ìyẹ́sí. Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ máa kọ iye wákàtí tó ń lò lọ́sẹ̀ àti iye ọ̀sẹ̀ lọ́dún. Ẹ ní kó fi àkójọ yẹn gan-an ránṣẹ́ sí yín bó ṣe kọ ọ́ síbẹ̀, kó má ṣe tún òmíràn ṣe fún yín. Ẹ ní kó fi í ránṣẹ́ bí fáìlì tí ẹ lè tẹ̀ sórí pépà, torí ẹ máa fi gègé sàmì sí i.

Ìdí tí mo fi fẹ́ àkójọ kan náà ni pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti wà níwájú ẹni tó ń ka ìwé kó tó kan lẹ́tà wa. Bí a bá tún un kọ ní gbólóhùn gígùn, a kò fi nǹkan kan kún un. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í nìyí, torí tẹsitimóníà ló ti mọ́ wa lára. Inú tẹsitimóníà la ti máa ń kọ ipò tí ọmọ dì mú, ẹgbẹ́ tó wà, eré ìdárayá tó ń ṣe, ká wá fi "ìwà rẹ̀ tẹ́ni lọ́rùn" kádìí rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ń ṣe é. Àmọ́ ohun tí ẹni tó ń ka lẹ́tà ìjẹ́rìí fẹ́ mọ̀ ni bí ọmọ yìí ṣe máa ń ronú àti bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí nǹkan bá dojú rú, láti ẹnu ẹni tó wà níbẹ̀.

Díẹ̀ nínú ohun tí Àdùkẹ́ fi ránṣẹ́ nìyí:

Igbákejì olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, SS3.
Akọ̀wé Jẹ́ẹ́tì, ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé ìwé, SS2 dé SS3.
Olùrànlọ́wọ́ ní láàbù Físíìsì, wákàtí 3 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 24.
Ipò kẹta nínú ìdíje Ìṣirò ní ìjọba ìbílẹ̀, SS2.
Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, wákàtí 5 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50.
Ẹgbẹ́ díbéètì, SS1.
Olùdásílẹ̀ àjọ tó ń ran àwọn ọmọ aláìní lọ́wọ́, wákàtí 10 lọ́sẹ̀.

Ẹ fi gègé sàmì sí i

Mo máa ń kọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. "Ìṣojú mi" ni ohun tí mo fojú ara mi rí kòrókòró. "Ìwé wà" ni ohun tí n kò rí, àmọ́ tí ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìwé ilé ìwé tàbí nínú sátífíkéètì. "Àgbọ́sọ" ni ohun tó jẹ́ pé ẹnu ọmọ nìkan ni mo ti gbọ́ ọ. Àwọn tí mo bá kọ "ìṣojú mi" sí ló lè di ara lẹ́tà mi. Èyí tí ìwé rẹ̀ wà lè gba gbólóhùn kan níbi tó bá ti wúlò. Àgbọ́sọ kò wọ lẹ́tà rárá, bó ti wù kó dùn tó, àyàfi tí mo bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Nínú àkójọ Àdùkẹ́, méjì péré ló jẹ́ ìṣojú mi: ẹgbẹ́ Jẹ́ẹ́tì àti iṣẹ́ láàbù. Ìwé wà fún ipò igbákejì olórí, fún ìdíje Ìṣirò àti fún díbéètì. Akọrin jẹ́ àgbọ́sọ lọ́dọ̀ tèmi, kò sì burú, alùfáà ṣọ́ọ̀ṣì lè jẹ́rìí sí ìyẹn bí wọ́n bá béèrè. Àjọ tó ní òun dá sílẹ̀ ló mú mi dúró.

Lẹ́yìn àmì, ẹ ṣírò wákàtí. Ẹ ro gbogbo wákàtí ọ̀sẹ̀ tí ọmọ kọ fún ọdún kan náà pọ̀, kí ẹ fi wákàtí ilé ìwé kún un, kí ẹ wá wò ó bóyá ọmọ náà ṣì ń rí àyè sùn. Ilé ìwé tó ń wọlé ní aago méje ààbọ̀ tó sì ń jáde ní aago méjì ààbọ̀ ti gba wákàtí 35 lọ́sẹ̀. Bí iṣẹ́ inú àkójọ bá tún gba 50, ẹ pè é jókòó. Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé ọmọ kọ wákàtí ọ̀sẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dí jù lọ, ó wá fi í pe gbogbo ọdún.

Ti láàbù Àdùkẹ́ rọrùn láti yẹ̀ wò. Mo ṣí ìwé tí a fi ń kọ orúkọ ẹni tó bá wọ láàbù. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni a máa ń ṣí i lẹ́yìn ilé ìwé, fún wákàtí kan ààbọ̀. Kò lè jẹ́ wákàtí 3. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun fi àkókò tí òun ń fọ ohun èlò láàárọ̀ kún un, àmọ́ òun kò ka iye rẹ̀. A ní kó kọ 1.5, torí iye yẹn ni ìwé gbà. Bí òun bá kọ 3 tí èmi sì kọ "gbogbo Ọjọ́bọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀," àwa méjèèjì kò ní ṣeé gbára lé mọ́ lójú ẹni tó ń kà á, orí ohun tí kò tó nǹkan.

Ní ti àjọ, mo bi í pé: ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀, ìgbà wo lẹ pàdé kẹ́yìn, kí lẹ sì ṣe lọ́jọ́ náà? Ó wá hàn pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dá owó, tí wọ́n ra ìwé ìkọ̀wé 40 fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ohun rere ni wọ́n ṣe. Ẹnì kan ló ti sọ fún un pé àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn "olùdásílẹ̀." Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe rí: ọmọ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan, ìwé 40. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú fo irú ìlà bẹ́ẹ̀ torí pé kì í ṣe lẹ́tà yín ló wà. Àwọn tó ń kà á ti rí ọ̀kẹ́ àìmọye àjọ tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún dá sílẹ̀, irọ́ kékeré kan sì lè ba ìyókù jẹ́.

Ẹ pe ọmọ náà jókòó

Ogún ìṣẹ́jú ti tó. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi wọ́n. Èkíní: èwo nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí lo máa ṣì máa ṣe bí ẹnikẹ́ni kò bá ní mọ̀? Èkejì: kí ló dàrú mọ́ ọ lọ́wọ́ rí, kí lo sì ṣe sí i? Ẹ̀kẹta: láti ìgbà tí o bá kúrò nílé ìwé títí tí o fi máa sùn, kí lo máa ń ṣe?

Ẹ̀kẹta yìí máa ń tú ohun tí ọmọ kò kọ sílẹ̀ rárá jáde. Àdùkẹ́ ní òun máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá òun lọ́jà títí di aago méje alẹ́, òun lòun sì ń kọ ìwé àwìn: ẹni tó gbé ọjà, iye tó jẹ, ọjọ́ tó san án. Láti JSS2 ló ti ń ṣe é. Kò kọ ọ́ sínú àkójọ torí lójú rẹ̀, iṣẹ́ ilé ni. Bẹ́ẹ̀, Common App ní ìsọ̀rí kan pàtó fún ojúṣe nínú ẹbí, àwọn tó ń ka ìwé sì máa ń kà á sí gan-an, pàápàá bó bá ṣàlàyé ìdí tí ọmọ kò fi ráyè fún ẹgbẹ́ púpọ̀. Mo ní kó yọ díbéètì ti SS1 sísàlẹ̀ kó sì gbé ìwé àwìn sókè.

Ṣé èmi náà máa wá kọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù sínú lẹ́tà mi? Rárá, mi ò sí níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ilé bá tọ́ sí ni olùdámọ̀ràn ilé ìwé tàbí ọ̀gá àgbà, torí Common App máa ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ tiwọn náà, èyí tó ń wo ọmọ látòkèdélẹ̀. Ti tíṣà jẹ́ ti inú kíláàsì. Ẹ fi tó wọn létí, bí ọmọ bá gbà bẹ́ẹ̀. Bákan náà, àìsàn, ikú òbí, tàbí ìjà ilé kò gbọ́dọ̀ wọ lẹ́tà yín láìjẹ́ pé ọmọ fúnra rẹ̀ ní kí ẹ sọ ọ́.

Àmọ́ ìwé àwìn yẹn ràn mí lọ́wọ́ lọ́nà mìíràn. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo rántí ọjọ́ kan ní láàbù.

Ẹ wá ọjọ́ kan, kí ẹ sì sọ ọ́ dáadáa

SS2 ni wọ́n wà, péńdúlọ̀mù la sì ń ṣe. Àwọn ọmọ máa yí gígùn òwú padà, wọ́n á ka àsìkò ìfì 20, wọ́n á ya gíráàfù, wọ́n á sì fi wá agbára òòfà ilẹ̀. Láàbù wa kò ní bọ́ọ̀lù irin tó tó, torí náà àgádágodo la so mọ́ òwú. Gbogbo kíláàsì ti mọ̀ látinú ìwé pé 9.8 ni ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ wọn ń wá òǹkà tó máa gbé wọn débẹ̀, ìlà gíráàfù wọn sì gún régé ju ohun tí ọwọ́ èèyàn lè wọ̀n lọ. Ìlà Àdùkẹ́ kò gba orí òdo kọjá. Ó bọ́ sókè díẹ̀. Ó mú un wá bá mi bó ṣe rí, ó ní òun ò mọ ìdí rẹ̀, àmọ́ ohun tí òun kà nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì ó padà wá. Ó ti rí i pé ibi tí okùn ti so mọ́ irin òkè àgádágodo ni òun wọn gígùn dé, kì í ṣe àárín ìwúwo rẹ̀. Ó tó sẹ̀ǹtímítà 3 tí kò kà mọ́ ọn. Ó fi 3 kún gbogbo gígùn, ó tún gíráàfù yà, ìlà náà sì gba orí òdo kọjá. Kò pa èyí àkọ́kọ́ rẹ́. Méjèèjì wà nínú ìwé rẹ̀, pẹ̀lú àlàyé ìlà mẹ́rin.

Ọmọ tó ń kọ ohun tó rí bó ṣe rí i: òun ni okùn tó so ìwé àwìn, láàbù àti iṣẹ́ akọ̀wé Jẹ́ẹ́tì pọ̀. Ohun tí mo ń wá látàárọ̀ nìyẹn, kò sì sí nínú ìlà kankan nínú àkójọ. Bí ẹ bá ti rí irú okùn bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó pinnu ohun tó máa wọ lẹ́tà. Ipò igbákejì olórí kò wọ tèmi. Ìdíje Ìṣirò kò wọ̀ ọ́. Ó ń dun òbí nígbà míì pé a fi ipò ọmọ sílẹ̀, àmọ́ ó ti wà nínú àkójọ, kò sọnù.

Kíkọ rẹ̀

Ojú ìwé kan ti tó. Gẹ̀ẹ́sì la ó fi kọ ọ́, àmọ́ mo fi Yorùbá kọ ìtumọ̀ tèmi síbí kí ẹ lè rí bí ó ṣe tò.

"Mo kọ́ Àdùkẹ́ ní Físíìsì fún ọdún mẹ́ta, ní kíláàsì tí ọmọ 84 ti ń pín ohun èlò mẹ́fà lò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ irú akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ni ọjọ́ tí gíráàfù rẹ̀ kọ̀ láti gún."

Ìtàn péńdúlọ̀mù ló tẹ̀ lé e, ó gba ìdá kan nínú mẹ́ta lẹ́tà náà. Lẹ́yìn rẹ̀:

"Láti sáà tó tẹ̀ lé e ló ti ń dúró ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láti ran àwọn ọmọ SS1 lọ́wọ́. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fi báírò kọ òǹkà, kí wọ́n má lo pẹ́ńsùlù. Nígbà tí mo máàkì ìwé iṣẹ́ láàbù wọn ní òpin ọdún, mo rí òǹkà tí wọ́n fi ìlà kan fà lórí tí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. N kò rí irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ọmọ SS1."

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe sí ìlà "olùrànlọ́wọ́ ní láàbù." Ẹni tó ń kà á ti mọ wákàtí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá mọ ohun tó yí padà nítorí rẹ̀, àti pé èmi ni mo rí i.

Ìpínrọ̀ tó kàn jẹ́ ti máàkì. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Bí ará Amẹ́ríkà bá rí 76, ó lè rò pé ọmọ náà kàn ń fà á ni, torí lọ́dọ̀ tiwọn, 90 sókè ni wọ́n ń pè ní dáadáa. Lọ́dọ̀ tiwa, 75 ti wọ A1 nínú ìdánwò Wáẹ́kì. Torí náà, ẹ má kọ máàkì láìsọ ibi tó bọ́ sí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwé máàkì yín ni kí ẹ ṣí, ẹ má fi orí rántí rẹ̀:

"Ní sáà àkọ́kọ́ SS1 ó gba 54, ipò rẹ̀ sì jẹ́ ìkọkànlélọ́gbọ̀n. Ní sáà kẹta SS2 ó gba 76, ó sì jẹ́ ẹnì kẹta nínú ọmọ 84. Àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ yára jù ú lọ lórí ìdánwò. Bí ó bá jẹ́ pé mo fẹ́ ẹni tí màá fi ìwé òǹkà láàbù lé lọ́wọ́, òun ni màá pè."

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù láti kọ pé ẹlòmíràn ṣáájú ọmọ tí wọ́n ń jẹ́rìí sí. Lójú tèmi, gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gba ìyókù gbọ́. Bí 54 ṣe di 76 náà dára ju 76 nìkan lọ.

Ẹ fi gbólóhùn kan tàbí méjì parí rẹ̀, tó sọ ní tààrà pé ẹ jẹ́rìí sí i fún irú ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ kọ́. Ẹ má dárúkọ yunifásítì kankan. Lẹ́tà kan náà ni Common App máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ọmọ bá yàn, kò sì sí ẹni tó máa dùn mọ́ nígbà tó bá rí orúkọ ilé ìwé mìíràn nínú lẹ́tà tó wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Kíkà á padà

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ máa wá nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wá ọ̀rọ̀ ìyìn. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti kọ pé ọmọ jẹ́ aláápọn, olóye, ọmọlúàbí, ẹ bi ara yín bóyá ìtàn tó fi í hàn wà nítòsí. Bí ó bá wà, ọ̀rọ̀ ìyìn náà kò wúlò mọ́, ẹ yọ ọ́. Bí kò bá sí, kò sí ìdí kí ẹnikẹ́ni gbà á gbọ́, ẹ yọ ọ́ náà.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wo ọkùnrin àti obìnrin. Èyí kan àwa tí èdè wa kò yà wọ́n sọ́tọ̀ gan-an. "Ó" la ń pe gbogbo wọn, torí náà nígbà tí a bá ń yára kọ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọbìnrin máa ń di ọkùnrin ní ìpínrọ̀ kẹta láìjẹ́ pé a mọ̀. Ẹni tó ń kà á lókè òkun kò mọ ìyẹn. Ohun tó máa rò ni pé lẹ́tà ọmọkùnrin kan la ṣe àdàkọ rẹ̀ tí a kàn yí orúkọ padà. Ẹ fi ìka tọ gbogbo arọ́pò-orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ gbé àkójọ tí ọmọ ti tún ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, kí ẹ fi iye, ọdún àti orúkọ wéra. Orúkọ ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó fi forúkọ sílẹ̀, tó sì bá ìwé ìrìnnà rẹ̀ mu. Nínú rẹ́jísítà wa, orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló sì ti lọ pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n gbé sódì.

Fífi ránṣẹ́

Ọmọ kọ́ ló máa fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ó máa fi ímeèlì yín sínú Common App, wọ́n á sì kọ̀wé pè yín. Bí ẹ kò bá rí i láàárín ọjọ́ méjì, ẹ wo inú `Spam`. Bí ilé ìwé yín bá ní ímeèlì tirẹ̀, ẹ lo ìyẹn. Ẹ tẹ lẹ́tà náà sórí ìwé tó ní orúkọ ilé ìwé, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ sọ ọ́ di PDF, kí ẹ ṣí i wò lórí fóònù kí ẹ tó gbé e lọ. Fọ́tò pépà tí òjìji ọwọ́ wà lórí rẹ̀ kò dára tó.

Wọ́n tún máa ní kí ẹ sàmì sínú àpótí kéékèèké nípa ọmọ náà: bó ṣe ń ronú, bó ṣe ń kọ̀wé, bó ṣe ń bá èèyàn ṣe, láti ìsàlẹ̀ ìpíndọ́gba títí dé ẹni tí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ nínú gbogbo ọdún tí ẹ ti fi ṣe iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí àmì yín bá lẹ́tà yín mu. Fún Àdùkẹ́, mo fi àmì tó ga jù sí ìwà òtítọ́ nìkan. Ibi tó bá jẹ́ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, bí ọgbọ́n ìkọ̀wé lọ́dọ̀ tíṣà Físíìsì, ẹ yan `No basis`. Ẹni tó bá fi àmì tó ga jù sí gbogbo àpótí kò tíì sọ nǹkan kan.

Lẹ́tà tí ẹ bá ti fi sílẹ̀ kò ṣeé tún ṣe fúnra yín mọ́, torí náà ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ sọ fún ọmọ pé ó ti lọ, kí ẹ má sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà pọ̀ mọ́ àkójọ tí ẹ sàmì sí. Bí ọmọ náà bá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ fún lẹ́tà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, orí àkójọ tí ẹ sàmì sí yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ní kó fi tuntun kún un.